Mo Tẹ̀ Ẹ́, Kò Fò

Bí ẹ bá jókòó ti ọmọ kan tó ń gbá géèmù onífífò, irú èyí tí ẹ̀dá inú rẹ̀ ń sáré lórí pèpéle tó sì ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ẹjọ́ kan lẹ́nu rẹ̀. Á ní òun tẹ bọ́tìnnì, géèmù ni kò fò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró tì í á ní irọ́ ni, pé ó pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, ó sì pẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó fi pẹ́ kéré débi pé ojú ènìyàn kò lè rí i. Ẹ̀rọ nìkan ló rí i, òun ló sì fi jẹ ọmọ náà níyà.

Lójú tèmi, ẹni tó ṣe géèmù ló jẹ̀bi níbẹ̀. Ọ̀nà méjì wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ń gbà tún un ṣe. Ọ̀kan ń gba ti ẹni tó pẹ́ díẹ̀ rò, òun ni wọ́n ń pè ní àsìkò kòyótì. Èkejì ń gba ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù rò, òun ni wọ́n ń pè ní bọ́fà fífò. Kóòdù tí méjèèjì ń fẹ́ kéré gan-an. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ẹni tó ń gbá géèmù kò ní mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀. Ohun tó máa mọ̀ ni pé géèmù yìí ń gbọ́ tòun.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń gba àṣẹ. Àwòrán inú géèmù kì í rìn rárá. Yíyà ni ẹ̀rọ ń yà á, tó ń pa á rẹ́, tó tún ń yà á síbòmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù òde òní, ìgbà ọgọ́ta ni èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ẹyọ ìyà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní férémù. Ní férémù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì: ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀dá yìí wà nílẹ̀? Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bọ́tìnnì fífò? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀dá náà á fò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ rárá, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Nínú Godot, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe géèmù, báyìí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ máa ń kọ ọ́:

```
if is_on_floor() and Input.is_action_just_pressed("jump"):
    velocity.y = -JUMP
```

Ìlà àkọ́kọ́ bèèrè ohun méjèèjì pa pọ̀. Ìlà kejì ni fífò fúnra rẹ̀, ó ń ta ẹ̀dá náà sókè. Kò sí àṣìṣe kankan nínú kóòdù yìí bí a bá wò ó lórí ìwé, àmọ́ ẹ wo ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Ìbéèrè kejì kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ju férémù kan lọ, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá. Férémù yẹn gan-an sì ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀ ní férémù kan ṣáájú ìgbà tí ìka tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á ní rárá, á sì gbàgbé pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Ẹni náà á bọ́ sínú ọ̀gbun.

Géèmù fúnra rẹ̀ ló sì ń ti ènìyàn lọ sí bèbè. Bí ọ̀gbun bá fẹ̀, ẹni tó bá tètè fò kò ní dé òdìkejì, nítorí náà gbogbo ènìyàn ló ń kọ́ láti sáré dé etí pèpéle kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ibi tó léwu jù lọ ni a ń kọ́ wọn láti fojú sùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí wọ́n ń rí lójú ẹ̀rọ ti pẹ́ kó tó dé ojú wọn. Tẹlifíṣọ̀n máa ń tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde, páàdì tí kò ní wáyà náà máa ń jẹ àkókò díẹ̀ kí àṣẹ tó dé inú ẹ̀rọ. Ẹni tó rí i pé òun kù díẹ̀ kóun dé etí pèpéle lè ti kọjá etí náà nínú ìṣirò ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ tí a sì yà lójú ẹ̀rọ kọ́ ni ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ ń wò. Àpótí kan tí a kò rí ni ẹ̀rọ fi ń dá ara ẹ̀dá náà mọ̀, bàtà tí a yà sì lè yọ síta lára àpótí yẹn.

Géèmù tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni Celeste, tó jáde ní 2018. Maddy Thorson àti Noel Berry ló wà nídìí kóòdù rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì dá lórí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Madeline, tó ń gun òkè gíga kan. Géèmù náà le gan-an. Ènìyàn lè kú níbẹ̀ títí kó tó kúrò nínú yàrá kan, síbẹ̀ ó ṣòro láti rí ẹni tó máa ní géèmù náà rẹ́ òun jẹ. Àwọn tó ṣe é kó kóòdù tó ń darí Madeline síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á, Thorson náà sì ti ṣàlàyé ní gbangba oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣàánú ẹni tó ń gbá a. Nítorí náà a kò ní láti máa méfò, àwọn iye náà wà níbẹ̀.

Nínú kóòdù yẹn, ẹ ó rí iye kan tí wọ́n pè ní `JumpGraceTime`. 0.1 ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹsẹ̀ Madeline bá ti kúrò lórí pèpéle, ẹ̀rọ á ṣì ṣe bí ẹni pé ó wà nílẹ̀ fún ìwọ̀nba àkókò yẹn tó bá di ọ̀rọ̀ fífò. Yóò máa jábọ́ lóòótọ́, òòfà ilẹ̀ kò dúró dè é, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti fò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ àsìkò kòyótì wá láti inú àwọn eré àwòrán Warner Bros. tí Chuck Jones bẹ̀rẹ̀ ní 1949, níbi tí ẹranko tó ń jẹ́ Wile E. Coyote ti máa ń sáré kọjá etí àpáta, tí kì í sì í já bọ́ títí yóò fi wo ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú ṣe é. Madeline ń sáré lọ sí etí pèpéle. Eré rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 90 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ àmì tín-tìn-tín tí wọ́n fi to àwòrán géèmù náà, bíríkì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi mọ pèpéle sì jẹ́ píksẹ́lì mẹ́jọ ní ìbú. Nínú férémù kan, Madeline ń lọ ní píksẹ́lì kan ààbọ̀. Ká ní ẹni tó ń gbá a pẹ́ ní férémù mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ Madeline kúrò nílẹ̀. Férémù mẹ́rin kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ní àkókò yẹn, Madeline ti rìn lójú òfurufú ní píksẹ́lì mẹ́fà, kò tíì tó ìbú bíríkì kan. Òòfà ilẹ̀ inú géèmù náà ń fi píksẹ́lì 900 kún eré ìjábọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ó ti jábọ́ ní bíi píksẹ́lì méjì ààbọ̀. Kóòdù àkọ́kọ́ tí mo fi hàn yín lókè á ní kó kú. Celeste á ní kó fò, á sì fò pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó kò ní rí i pé ó fò láti ojú òfurufú, nítorí píksẹ́lì méjì ààbọ̀ kò tó ohun tí ojú ń mú nígbà tí ara ń sáré.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe nìyí. Nígbà tí Madeline ti jábọ́ fún férémù mẹ́rin, eré ìjábọ́ rẹ̀ ti di 60. Agbára tí fífò fi ń ta á sókè jẹ́ 105. Bí ẹni tó kọ kóòdù bá *fi kún* eré tó wà lára rẹ̀ dípò kó *pààrọ̀* rẹ̀, fífò náà á di 45 péré, kò tó ìdajì. Ẹ̀dá náà á ta pọ́nún díẹ̀, á sì bọ́ sínú ọ̀gbun náà. Ẹni tó ń gbá a á bínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ó rí i pé géèmù gbọ́ òun ṣùgbọ́n kò ràn òun lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí i pé fífò láti àárín pèpéle ga dáadáa, tí ti etí rẹ̀ sì máa ń lọ sílẹ̀ nígbà mìíràn, ẹ lọ wo ìlà tó ń ta ẹ̀dá náà sókè. Àmì `=` ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe `+=` tàbí `-=`.

Àṣìṣe kejì wọ́pọ̀ jù ú lọ. Aago tó ń ka àsìkò kòyótì gbọ́dọ̀ di òfo lójú ẹsẹ̀ tí ẹ̀dá náà bá ti fò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fò, aago náà yóò ṣì máa kà, ẹni tó bá sì tún bọ́tìnnì tẹ̀ kíákíá á fò lẹ́ẹ̀kejì lójú òfurufú, bí ẹni tí a fún ní ìyẹ́. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn: kí ẹ dúró sójú kan, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì bí ọwọ́ yín ṣe lè yá tó. Bí ẹ̀dá náà bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, aago náà kò tíì kú. Nígbà mìíràn ẹ ti sọ ọ́ di òfo, síbẹ̀ kò gbọ́. Ohun tó ń fà á ni pé nínú àwọn ètò kan, ní férémù tó tẹ̀ lé fífò, àpótí ara ẹ̀dá náà kò tíì jìnnà sí ilẹ̀, ẹ̀rọ á ní ó ṣì wà nílẹ̀, á sì tún kún aago náà. Celeste yanjú èyí nípa pé kì í béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rárá nígbà tí Madeline bá ń lọ sókè. Ẹni tó ń lọ sókè kò sí nílẹ̀, ó parí.

Ohun yòówù tó bá ń ju ẹ̀dá náà sókè nínú géèmù yín ni òfin yìí kàn. Ká ní sípírínì kan wà lórí pèpéle tó ń ta ènìyàn sókè ju fífò lásán lọ. Ẹ̀dá náà gun sípírínì, ó fò lọ sókè, ṣùgbọ́n aago kòyótì tó kún nígbà tó wà nílẹ̀ kò tíì tán. Ẹni tó ń gbá a tẹ bọ́tìnnì nínú ìdùnnú. Ẹ̀rọ á pa agbára ńlá sípírínì rẹ́, á sì fi agbára kékeré fífò rọ́pò rẹ̀. Sípírínì á wá dà bí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́la, ẹni tó ṣe géèmù á sì máa wá ìdí rẹ̀ lára sípírínì, nígbà tó jẹ́ pé aago ló yẹ kó pa.

Èyí tí mo ti sọ jẹ́ ti ẹni tó pẹ́. Ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ni ó kù, òun sì ni ọ̀pọ̀ géèmù kékeré máa ń gbàgbé. Madeline ń já bọ́ láti òkè, pèpéle wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀gbun mìíràn sì wà níwájú. Ẹni tó ń gbá a fẹ́ kó fò gẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó kù férémù mẹ́ta kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ̀rọ wò ó, ẹsẹ̀ kò sí nílẹ̀, ó sọ àṣẹ náà nù. Ẹsẹ̀ wá kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìka ti tẹ̀ ẹ́ tán, kò sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ tuntun. Madeline á dúró, tàbí kó sáré wọ inú ọ̀gbun.

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ èrò rí á mọ bó ṣe yẹ kó rí. Èrò tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kì í dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá dé bọ́sítọ́ọ̀pù kó tó kígbe "ó wà o". Ó ti kígbe kí wọ́n tó débẹ̀, kọ́ńdọ́kítọ̀ sì ti fi í sọ́kàn, bí ọkọ̀ bá ti débẹ̀, yóò dúró. Bọ́fà fífò kò ju ìyẹn lọ. Bí bọ́tìnnì bá ti jẹ́ títẹ̀, ẹ̀rọ á fi àṣẹ náà pamọ́ fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀ kí àkókò yẹn tó tán, á mú un ṣẹ.

Nínú Celeste, àkókò yẹn jẹ́ 0.08, bíi férémù márùn-ún. Bí Madeline bá ń já bọ́ wálẹ̀ ní eré tó pọ̀ jù fún un láìjẹ́ pé wọ́n tì í sísàlẹ̀, ìyẹn píksẹ́lì 160 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò rìn ní bíi píksẹ́lì mẹ́tàlá láàárín àkókò náà. Àpótí ara rẹ̀ ga ní píksẹ́lì mọ́kànlá. Ìyẹn ni pé ẹ lè tẹ bọ́tìnnì nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ga sílẹ̀ ju gíga òun fúnra rẹ̀ lọ, kí fífò náà sì ṣẹ. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, nítorí ènìyàn kì í rí i bẹ́ẹ̀ rárá lójú ẹ̀rọ. Ohun tí à ń rí ni pé ó balẹ̀, ó sì tún fò, láìsí ìdádúró.

Bí a bá pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀, kóòdù náà á rí báyìí. Òòfà ilẹ̀ àti rírìn wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, n kò kọ wọ́n síbí:

```
const COYOTE = 0.1
const BUFFER = 0.08
var coyote = 0.0
var buffer = 0.0

func _physics_process(delta):
    coyote -= delta
    buffer -= delta
    if is_on_floor():
        coyote = COYOTE
    if Input.is_action_just_pressed("jump"):
        buffer = BUFFER
    if coyote > 0 and buffer > 0:
        velocity.y = -JUMP
        coyote = 0
        buffer = 0
```

Aago méjì ni `coyote` àti `buffer`, àwọn méjèèjì ń ka àkókò lọ sẹ́yìn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wà nílẹ̀, aago àkọ́kọ́ ń kún. Ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì, aago kejì ń kún. Ìbéèrè tó ṣẹ́ kù kì í ṣe "ṣé ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ báyìí, ṣé ìka tẹ̀ ẹ́ báyìí" mọ́. Ó ti di "ṣé ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ láìpẹ́ yìí, ṣé ìka tẹ̀ ẹ́ láìpẹ́ yìí". Gbogbo iṣẹ́ náà wà nínú "láìpẹ́ yìí" méjèèjì. Ìlà méjì tó gbẹ̀yìn ló ń pa aago, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ṣaláì wà níbẹ̀ nítorí ohun tí mo ti sọ lórí fífò lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ́fà ní wàhálà tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, fífò á ga, bó bá sì fi ọwọ́ kàn án lásán, fífò á lọ sílẹ̀. Ohun tí kóòdù máa ń ṣe ni pé bí ìka bá kúrò lórí bọ́tìnnì, á dín eré ìlọsókè kù. Ẹ wá wo ẹni tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì fẹ́rẹ́ kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ti ká ìka kúrò kí fífò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí fífò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ń retí pé kí ìka kúrò, ìka sì ti kúrò tipẹ́. Fífò kékeré tí ẹni yẹn fẹ́ á wá di ńlá, orí rẹ̀ á lè gba ẹ̀gún tó wà lókè. Ohun tó yẹ ni pé nígbà tí bọ́fà bá mú fífò ṣẹ, kí kóòdù wò bóyá ìka ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó dín fífò náà kù lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan yàn láti pa àṣẹ náà rẹ́ pátápátá bí ìka bá ti kúrò kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. N kò fara mọ́ ìyẹn fún géèmù tí àwọn ọmọdé á gbá, nítorí ọwọ́ wọn máa ń kan bọ́tìnnì fẹ́rẹ́ni.

Bọ́fà tún lè gba àṣẹ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí bọ́tìnnì tó ń sọ pé "ó dára" nínú ojú ewé ìdádúró bá jẹ́ bọ́tìnnì fífò náà, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láti padà sínú géèmù lè rí i pé ẹ̀dá náà fò fúnra rẹ̀ gẹ́lẹ́ tí géèmù bá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ `buffer` di òfo nígbà tí ojú ewé yẹn bá ń pa dé.

Ẹ ó ti rí i pé ìṣẹ́jú-àáyá ni mo fi ń ka aago méjèèjì, kì í ṣe férémù. Celeste fúnra rẹ̀ ló fi ìdí rẹ̀ hàn. Ṣáájú ti 2018, Thorson àti Berry ti ṣe Celeste kékeré kan lórí PICO-8, ètò kan tó ń ṣe bí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, tí ojú rẹ̀ kò ju píksẹ́lì 128 ní òòró àti 128 ní ìbú. Àánú méjèèjì ti wà nínú kóòdù ti ìgbà yẹn. `grace` jẹ́ 6, `jbuffer` sì jẹ́ 4, férémù ni wọ́n sì fi kà wọ́n. Ṣùgbọ́n férémù ọgbọ̀n ni géèmù yẹn ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kì í ṣe ọgọ́ta. Férémù mẹ́fà níbẹ̀ jẹ́ 0.2. Ní ọgọ́ta, férémù mẹ́fà kan náà jẹ́ 0.1. Lórí fóònù tó ń ya ọgọ́fà, ó di 0.05, àánú náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ẹni tó bá ka férémù lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lè gbé géèmù tó dùn fún ẹlòmíràn, kí onítọ̀hún máa kú ní gbogbo etí pèpéle, kí àwọn méjèèjì máa jiyàn lórí ohun tí kò sí ẹni tó ń pa irọ́ níbẹ̀. Nínú Godot, `delta` ló ń sọ iye àkókò tó kọjá láti férémù tó ṣáájú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ ọ́ kúrò lára aago.

Kí ló wá dé tí a kò fi àánú náà pọ̀ sí i? Ẹ jẹ́ ká fi àsìkò kòyótì sí 0.3. Madeline á rìn ní píksẹ́lì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lójú òfurufú, ju bíríkì mẹ́ta lọ, á sì ti jábọ́ ju píksẹ́lì ọgbọ̀n lọ kó tó fò. Kò sí ojú tí kò ní rí ìyẹn. Ẹni tó ń gbá a á rí i pé òun ti ṣubú, á gbà pé òun ti kú, àfi kó wá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì kó rí ara rẹ̀ lókè. Géèmù náà á wá di ohun tí kò ní etí pèpéle mọ́. Ti bọ́fà náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gùn jù, ènìyàn á tẹ bọ́tìnnì lójú òfurufú nítorí ìpayà, á balẹ̀, á fẹ́ dúró kó wo iwájú, ẹ̀dá náà á sì fò sínú ewu tí kò pàṣẹ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé "ó ń fò fúnra rẹ̀", bọ́fà ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù.

Iye tó tọ́ kò dọ́gba fún gbogbo géèmù. Ẹ̀dá tó ń sáré jù ń rìn jìnnà lójú òfurufú láàárín àkókò kan náà, nítorí náà ẹ fi ìbú bíríkì yín wọ̀n ọ́n. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìrìn ojú òfurufú náà ti súnmọ́ bíríkì kan, bíi ti Celeste tó jẹ́ píksẹ́lì mẹ́sàn-án lórí bíríkì ẹlẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ má fi ojú lásán pinnu. Ẹ jẹ́ kí kóòdù máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì tí kò sì fò: ó ti tó ìgbà wo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, àti ìgbà wo lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tún kan ilẹ̀. Ẹ fún ẹni tí kò gbá géèmù náà rí kó gbá a, kí ẹ sì ka ohun tó kọ sílẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ìkùnà rẹ̀ bá wà ní 0.11 àti 0.12, àsìkò yín kéré díẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri títí dé ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aago mọ́. Onítọ̀hún kò rí etí pèpéle dáadáa, àwòrán ni kí ẹ tún yà. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìdánwò yìí, ẹ lè yí àwọ̀ ẹ̀dá náà padà níwọ̀n ìgbà tí aago kòyótì ṣì ń kà tí ẹsẹ̀ kò sì sí nílẹ̀. Ẹ ó rí pupa fìrí ní etí pèpéle, ẹ ó sì mọ iye ìgbà tí géèmù ń gba ènìyàn là láìjẹ́ kó mọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀gbun fúnra rẹ̀. Àsìkò kòyótì ń mú kí fífò jìnnà sí i ní bíi bíríkì kan. Ẹni tó ń to pèpéle lè fi àìmọ̀ to ọ̀gbun kan tí kò sí ẹni tó lè fò ó àfi ẹni tó bá lo gbogbo àánú náà, tó tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Nígbà yẹn, àánú ti di owó ibodè, ẹni tó sì fò láti orí pèpéle gan-an gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ ni yóò kú. Bí ẹ bá to yàrá kan tán, ẹ sọ `COYOTE` àti `BUFFER` di iye tó kéré jù tí fífò fi lè ṣẹ, ìyẹn iye tí kò kọjá férémù kan, kí ẹ sì gbá yàrá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yóò le, ẹ ó sì kú dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣeé kọjá. Ọ̀gbun tí kò bá ṣeé kọjá báyẹn, ẹ fi bíríkì kan kún etí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ dá 0.1 àti 0.08 padà sáyè wọn.